Ìwé àfọwọ́kọ bàbá mi àgbà: báwo ni kí n ṣe sàmì sí ọ̀rọ̀ tí kò dá mi lójú?

Àṣàkẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí bàbá tó bí ìyá mi kọ sí ìyá mi nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́. Bébà kan ṣoṣo ni, bàbá kọ ọ́ níwájú, wọ́n kọ ọ́ lẹ́yìn, bírò ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ìyá mi kò sí láyé mọ́. Mo fẹ́ túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ inú ẹbí tí wọn kò lè ka Yorùbá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni mo rí kà. Ibi tí mo há sí rèé, bí ojú mi ṣe rí i gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́:

> Mo ti gba ọko na lọwọ ẹgbọn rẹ. A o fi ko e.. ki ojo to de.

Àmì abẹ́ kan wà lábẹ́ "o" àkọ́kọ́ nínú "ọko" yẹn, ṣùgbọ́n n kò rí nǹkan kan lábẹ́ ìkejì. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé "ko" wá bọ́ sójú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ bébà po, yíǹkì ti ṣí níbẹ̀. "E" nìkan ló kù, àyè bíi lẹ́tà méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kankan láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ṣé kí n fi àlàfo sílẹ̀ ni, àbí kí n kọ èyí tí mo rò kí n fi àmì ìbéèrè sí i? Àmì ìbéèrè ti wá pọ̀ nínú ohun tí mo kọ débi pé ẹni tó bá ń kà á kò ní mọ èyí tó ṣe pàtàkì mọ́.

Bàbá Bọ́lá

Àṣàkẹ́, má da ara rẹ láàmú. Ka gbólóhùn yẹn sókè, etí rẹ á gbé e. "Mo ti gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. A ó fi kó ẹrù kí òjò tó dé." Ó tán. Kí ni èèyàn tún ń gba ọkọ̀ fún, bí kò ṣe láti fi kó ẹrù? Kọ gbogbo rẹ̀ lọ́nà tí a ń gbà kọ Yorùbá lóde òní, fi àmì ohùn sí i, tún "na" yẹn ṣe kó di "náà", kí o wá túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká ló máa ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ìyá Akọ̀wé

Bàbá Bọ́lá, mo kí yín sà. Òótọ́ ni pé ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká máa ń ṣèrànwọ́, ó sì yẹ kí èèyàn máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà: "Mo ti gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. A ó fi kọ ebè kí òjò tó dé." Kò sí ohun tó ṣe é. Òjò ń bọ̀, ebè ni wọ́n fẹ́ kọ. Kò sí lẹ́tà kan nínú èyí tí Àṣàkẹ́ rí tó lòdì sí i.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Tí ẹ bá ti gbà pé ọkọ̀ ni, "ko" á di "kó", "e.." á sì di "ẹrù". Tí ẹ bá gbà pé ọkọ́ ni, "ko" á di "kọ", "e.." á di "ebè". Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí ẹni pé ó dáni lójú, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi àbá gbé, tí àwọn yòókù kàn tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí a fi àmì ohùn sí i kí a tó ṣe àdàkọ. Ẹni tó bá ti fi àmì ohùn sí "ọko" ti dájọ́, kò sì ní sí ẹ̀rí kankan lójú ìwé pé ó dájọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo àmì abẹ́ yẹn, nítorí òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ kúkurú báyìí, tí kì í ṣe àkànpọ̀, tí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò, "o" àti "ọ" kì í jọ gbé pọ̀ ní Yorùbá. Kò sí "ọko", kò sì sí "okọ". Nítorí náà, tí àmì kan ṣoṣo yẹn bá jẹ́ àmì lóòótọ́, méjèèjì ti di ọ nìyẹn, "oko" tí a ń ro ti kúrò níbẹ̀. Ó ku ọkọ̀ àti ọkọ́, nítorí ọkọ onílé kò bá gbólóhùn náà lọ. Ohùn nìkan ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, bàbá kò sì kọ ohùn.

Lórí "ko e..", ẹ máa rí i pé bàbá gbọ́dọ̀ ti gbàgbé àmì abẹ́ kan, ọ̀nà yòówù tí a bá gbà kà á. "Kó ẹrù" ń fẹ́ àmì lábẹ́ e. "Kọ ebè" ń fẹ́ àmì lábẹ́ o. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Torí náà, àìsí àmì kò lè bá wa yanjú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí o ṣe, Àṣàkẹ́: wá àwọn ọ̀rọ̀ tó dá ọ lójú pátápátá nínú ìwé náà, bíi Ọlọrun, ọmọ, lọwọ, ẹgbọn, àti àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe kéékèèké bíi lọ, sọ, kọ. Wo ibi tí bàbá ti máa ń fi àmì sí i àti ibi tí wọ́n ti máa ń fò ó. Ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣe tirẹ̀.

Olùwádìí

Ọ̀nà kan ti wà nílẹ̀ fún èyí. Àwọn tó ń ka àkọlé àtijọ́ lára òkúta àti ìwé papírọ́sì ti fẹnu kò lórí àwọn àmì kan ní ìlú Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, lọ́dún 1931. Ohun tó bá ti ṣègbé pátápátá, inú àkámọ́ onígun ni wọ́n ń fi í sí, tó bá sì jẹ́ lẹ́tà tó hàn díẹ̀ tí kò dáni lójú, wọ́n á fi àmì tóótó kékeré sí abẹ́ rẹ̀. Tẹ̀ lé ìyẹn, ọ̀mọ̀wé ibikíbi ló máa yé.

Ìyá Akọ̀wé

Ẹ ṣeun, Olùwádìí. Mo gba ti àkámọ́ onígun. Ṣùgbọ́n ti àmì abẹ́ yẹn kò lè ṣiṣẹ́ fún wa láéláé. Tí Àṣàkẹ́ bá kọ "ẹ", ta ni yóò mọ̀ bóyá ẹ ni bàbá kọ, tàbí e tí kò dá Àṣàkẹ́ lójú ni? Èdè tó ti ń fi àmì sábẹ́ e, o àti s kò lè tún fi àmì kan náà sọ pé "bóyá ni".

Àwọ̀ náà kò dára. Mo mọ àwọn tó ń fi àwọ̀ yẹ́lò kun ọ̀rọ̀ tí kò dá wọn lójú. Tí wọ́n bá ti tẹ ìwé náà ní dúdú àti funfun, tàbí tí ẹnì kan bá ṣẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, àwọ̀ ti lọ nìyẹn, iyèméjì á wá di òótọ́. Àkámọ́ àti àmì ìbéèrè inú rẹ̀ kì í sọnù bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ wò ó bóyá bàbá fúnra wọn lo àkámọ́ nínú ìwé wọn. Tí wọ́n bá lo èyí tó rí roboto, ìwọ lo onígun, kí a lè mọ ti ta ni ti ta.

Kí àmì ìbéèrè wà nínú àkámọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó kàn. Tó bá dá dúró lẹ́yìn gbólóhùn, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló ń bi léèrè tàbí gbogbo gbólóhùn.

Ìyá Dáre

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín jọ ti èmi náà. Màmá àgbà mi kò mọ ìwé kọ, wọ́n máa ń sọ ọ́ fún ẹnì kan kó bá wọn kọ ọ́ ni. Mo kó ìwé wọn mẹ́ta jáde, mo rí i pé "wọ́n" jẹ́ "nwọn" nínú méjì, ó sì jẹ́ "won" nínú ọ̀kan. Mo ti ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe sí "wọ́n", mo sì ń fi àmì sí i pé àṣìṣe ni. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìyá Akọ̀wé

Ìyá Dáre, ẹ má fi àmì àṣìṣe sí "nwọn" mà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kí ìlànà àkọtọ́ ọdún 1974 tó dé nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ "aiye", "enia", "yio" àti "na". Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà nínú àdàkọ àkọ́kọ́. Àti pé ohun tí ẹ sọ yẹn wúlò fún Àṣàkẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìyàtọ̀ "nwọn" àti "won" lè fi hàn pé akọ̀wé méjì ni màmá yín lò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè fi ọwọ́ ẹni kìíní kọ́ bí a ṣe ń ka ọwọ́ ẹnì kejì. Àṣàkẹ́, ṣé ó dá ọ lójú pé bàbá fúnra wọn ló kọ tìrẹ?

Àṣàkẹ́

Ó dá mi lójú mà. Ìfọwọ́sí wọn àti ọ̀rọ̀ inú ìwé jọra, B tó bẹ̀rẹ̀ "Baba" nísàlẹ̀ àti àwọn B yòókù ní ìrù kan náà.

Mo ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ ní kí n ṣe. Wọn kì í gbàgbé àmì nínú Ọlọrun, ọmọ àti ẹgbọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìṣe kéékèèké, wọ́n máa ń fò ó gan-an: "lọ" ń di "lo" ní ibi púpọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ, ibi kan ṣoṣo ni mo ti rí i tí wọ́n fò ó.

Ìyá Akọ̀wé

Ìyẹn ti fún wa ní nǹkan díẹ̀. Ó rọrùn fún bàbá láti kọ "ko" nígbà tí wọ́n ní "kọ" lọ́kàn, ju kí wọ́n kọ "eru" fún "ẹrù" lọ. Ó ń tì sí ọ̀nà ebè, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀.

Báyìí, a ní láti mọ̀ bóyá àmì abẹ́ "ọko" jẹ́ àmì lóòótọ́, nítorí bébà tí wọ́n kọ tẹ̀yìn tẹ̀yìn lè fi yíǹkì ẹ̀yìn tan èèyàn jẹ. Ya fọ́tò ẹ̀yìn bébà náà, yí i po lórí fóònù bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò iwájú. Tí o bá rí lẹ́tà kan tó bọ́ sí ojú ibẹ̀ gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ yíǹkì tó yọ wá ni. Lẹ́yìn náà, ṣú yàrá, fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa gbá orí bébà kọjá láti ẹ̀gbẹ́. Bírò máa ń tẹ bébà wọnú. Àmì tí ọwọ́ fi síbẹ̀ yóò ní kòtò kékeré, yíǹkì tó yọ láti ẹ̀yìn kì í ní in.

Bí o bá ti wà níbẹ̀, wo ojú ìṣẹ́po náà pẹ̀lú. Yíǹkì lè ṣí kí kòtò bírò ṣẹ́ kù. B ní ọ̀pá tó ga sókè, r kò ní. Ọ̀pá yẹn ni kí o wá lẹ́yìn e.

Akin_Òkè

Ẹ bá mi dá sí tèmi. Èmi náà ń túmọ̀ ti bàbá mi àgbà, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọ "o" fún ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo ń fi [?] sí i, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ń bi mí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ojú ewé kan ti ní bíi ogún àmì ìbéèrè.

Ìyá Akọ̀wé

Akin, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kà. Ìwọ rí "o" yẹn kedere, ó sì yé ọ ní Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló ń béèrè ohun tí Yorùbá kò sọ. Tí o bá fi àmì kan náà sí i, ẹni tó ń kà á yóò rò pé bébà bàjẹ́ níbẹ̀ tàbí pé ọwọ́ bàbá kò dára. Yọ gbogbo [?] yẹn kúrò. Tí ìwé bá ti dárúkọ ẹni náà níbì kan, lo orúkọ rẹ̀. Tí kò bá dárúkọ rẹ̀, kọ àlàyé kan ṣoṣo níwájú ìtumọ̀ pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ya akọ àti abo sọ́tọ̀, kí o sì sọ èyí tí o yàn.

Irú rẹ̀ wà nínú ti Àṣàkẹ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó ṣeé kà dáadáa, àlàyé ni kó gbà, kó má gba àmì.

Àṣàkẹ́

Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lálẹ́ àná. Àmì abẹ́ "ọko" ní kòtò, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn bébà níbẹ̀. Mo gbà pé àmì ni.

Lójú ìṣẹ́po, mo rí ìlà tín-ín-rín kan tó gòkè lẹ́yìn e, kò gùn, kò tó ìdajì èékánná. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo wo ìlà òkè: "ẹgbọn" ló wà lókè ibẹ̀, ìrù g rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ṣé b ni mo rí ni, àbí ìrù g?

Ìyá Akọ̀wé

Wo gbogbo g tó kù nínú ìwé náà. Báwo ni ìrù wọn ṣe ń lọ?

Àṣàkẹ́

Gbogbo wọn ló ká sí apá òsì bí ìwọ̀. Ìlà tí mo rí yìí dúró gangan. Ṣùgbọ́n ó kúrú, mi ò lè búra.

Bàbá Bọ́lá

Mo ti gbọ́ ti ọkọ́ yín, ó sì mọ́gbọ́n dání. Síbẹ̀, ẹ kò bi ará ilé. Àṣàkẹ́, ta ni "ẹ̀gbọ́n rẹ" yẹn? Ṣé ó wà láyé? Ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ á mọ ohun tí wọ́n gbà. Tó bá ní ọkọ̀ ni, ọkọ̀ ni kí o kọ, kò sí àmì kankan mọ́.

Ìyá Akọ̀wé

Kó bi wọ́n, àmọ̀ràn dáadáa ni ẹ mú wá sà. Àṣàkẹ́, má sọ èyí tí a rò fún wọn. Gbé fọ́tò fún wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ kà á fúnra wọn. Tí o bá ti bi wọ́n pé "ṣé ọkọ́ ni", ọkọ́ ni ojú wọn máa rí. Ohun tí wọ́n bá sì sọ, kọ ọ́ sínú àlàyé gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n sọ àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ìrántí wọn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, síbẹ̀ kò tíì di ohun tó hàn lójú bébà. Ibí yìí ni èmi àti Bàbá Bọ́lá ti yà.

Àṣàkẹ́

Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Obìnrin ti kú. Mo gbé fọ́tò fún bọ̀ọ̀dá wọn. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀, nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ wọ́n dákẹ́, wọ́n ní àwọn kò rí ohun tó wà lójú ìṣẹ́po. Wọ́n ní àwọn kò rántí pé bàbá gba nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ọkọ obìnrin náà ní ọkọ̀ akẹ́rù nígbà kan, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ọdún tó rà á.

Bàbá Bọ́lá

Ẹ rí i! Ọkọ̀ akẹ́rù!

Ìyá Akọ̀wé

Mo rí i sà. Ìyẹn ti mú kí ọkọ̀ ṣeé ṣe ju bí mo ṣe rò tẹ́lẹ̀ lọ. Kò pa ìlà tó dúró gangan yẹn rẹ́, kò sì sọ ìdí tí bàbá fi máa fò àmì ẹ tí wọn kì í sábà fò.

Àṣàkẹ́, ohun tí mo máa ṣe rèé. Àdàkọ àkọ́kọ́ yóò wà bí bàbá ṣe kọ ọ́, láìsí àmì ohùn, tóótó kan dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ṣègbé:

> Mo ti gba ọko na lọwọ ẹgbọn rẹ. A o fi ko e[..] ki ojo to de.

Èkejì yóò wà ní àkọtọ́ òde òní, òun ni o máa túmọ̀. Ibi méjì ni iyèméjì wà, ṣùgbọ́n iyèméjì kan náà ni, nítorí náà lẹ́tà kan náà ni kó so wọ́n pọ̀:

> Mo ti gba [ọkọ́? A] náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. A ó fi [kọ ebè? A] kí òjò tó dé.

Lábẹ́ rẹ̀, kọ ọ́ pé A lè jẹ́ "ọkọ̀" àti "kó ẹrù", pé méjèèjì ń yí pa dà pọ̀ ni. Sọ ohun tó mú ọ yan èyí tí o yàn, kí o sì fi ohun tí bọ̀ọ̀dá sọ kún un. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọkọ́ láti inú ọ̀kan, kó mú ẹrù láti inú èkejì. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tí àmì ìbéèrè bá kàn fọ́n káàkiri.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣe bákan náà, pẹ̀lú lẹ́tà A kan náà. Má fi tóótó síbẹ̀ o, nítorí ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé ìwọ lo gé ọ̀rọ̀ kúrò. Ibi tó bá ṣègbé pátápátá, fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́ nínú àkámọ́ pé ọ̀rọ̀ kan kò ṣeé kà níbẹ̀.

Akin_Òkè

Ẹ̀dà tí àwọn ọmọdé máa kà ńkọ́? Wọn kò ní fẹ́ àkámọ́.

Ìyá Akọ̀wé

Fún tiwọn, a lè kọ ọ́ pé bàbá ti gba "ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́" lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, kí iṣẹ́ lè parí kí òjò tó dé. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí àkámọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà yẹn sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀dà tó kún wà lọ́wọ́ ta ni.

Bàbá Bọ́lá

Mi ò gba ti "ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́" yẹn. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó yan ọ̀kan, kó sọ pé òun ló yàn án.

Àṣàkẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe ẹ̀dà méjì àkọ́kọ́ bí Ìyá Akọ̀wé ṣe sọ, ọkọ́ ló wà lókè, ọkọ̀ wà nínú àlàyé A. Fún àwọn ọmọdé, ti Bàbá Bọ́lá ni mo máa ṣe: mo máa yan ọkọ́, mo sì máa sọ bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé. Àmì ìbéèrè ti dín kù gan-an, nítorí mo ti kó gbogbo ti "ẹ̀gbọ́n" àti "ó" lọ sínú àlàyé iwájú. Bọ̀ọ̀dá ṣèlérí pé àwọn máa bi àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní ọdún tí bàbá wọn ra ọkọ̀ akẹ́rù yẹn. Ìwé bàbá ní ọjọ́ àti ọdún lórí, ó hàn kedere, nítorí náà tí wọ́n bá rí ọdún náà, mo máa kọ ọ́ síbí.